QI Tí Mo Pa Mọ́ fún Merle

Odidi ọdún kan ni mo fi di Merle Hutchins sínú, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Lọ́dún 2005, níbi àṣekágbá ẹgbẹ́ Scrabble wa, nísàlẹ̀ ilé ìkàwé kan ní Toledo, mo to QI sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́ mi, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà fún agbára ìyè. Merle pè é níjà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀, kò sì sí nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ta Scrabble nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo kó o kúrò, ife-ẹ̀yẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí ní Màmá Q, gbogbo ẹgbẹ́ sì ń bá a rẹ́rìn-ín.

Oṣù Kẹta 2006, ìwé tuntun dé. QI wà nínú rẹ̀. Corliss, obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ wa, pín bébà tó ní àwọn ọ̀rọ̀ tuntun fún olúkúlùkù. Merle gbé kọ́ọ̀bù kọfí lé tirẹ̀.

“Orí mi ni ìwé mi,” ló wí. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bébà yẹn ló fi ń tẹ́ ìdí kọ́ọ̀bù. Mo rí i, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Oṣù Kẹrin, èmi àti òun ló tún kù fún àṣekágbá. Lẹ́tà ti tán nínú àpò. Ó ní máàkì 380, mo ní 318. Q, I, H àti A ló kù sí mi lọ́wọ́, ó sì mọ̀, nítorí kò sí ẹni nínú wa tí kì í ka lẹ́tà tó ti jáde.

“Màmá Q, U ti tán o! Ṣé wàá gbé e mì ni?”

ITEM wà ní ìbú lórí pátákó, àyè tó kù lókè rẹ̀ fún pinpin. Ojú búlúù tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta ló wà lókè I rẹ̀. Mo fi Q síbẹ̀, mo fi I tèmi tẹ̀ lé e, lókè T. Ní ìbú, QI. Láti òkè wá sílẹ̀, QI. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, IT. Máàkì mẹ́wàá Q di ọgbọ̀n, lẹ́ẹ̀mejì. Máàkì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Mo di 382.

RAVE ló kù sí Merle lọ́wọ́, ó sì ní ibi tó máa tò ó sí. Ká ló tò ó ni, ó ti jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín.

“Ẹ wá wo obìnrin yìí! Ó tún gbé e dé! Mo pè é níjà.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú ṣáká.”

Corliss ṣí ìwé. “Ó wà níbí. Merle, o pàdánù ìgbà tìẹ.”

Òfin wa nìyẹn: ẹni tó bá pe ọ̀rọ̀ gidi níjà, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò tún ta. Mo to HA, ó fún mi ní mẹ́sàn-án, ọwọ́ mi ṣófo. RAVE tó há sí i lọ́wọ́ jẹ́ máàkì méje, òfin sì ní kí ìlọ́po méjì rẹ̀ di tèmi. 405 sí 380.

Ó yẹ kó ṣe mí láàánú. Kò ṣe mí. Ó dùn mọ́ mi dé eegun.

Mo gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ṣí bébà tó ti lẹ̀ mọ́ tábìlì kúrò, mo fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà.

“Kà á fún ẹgbẹ́, Merle.”

Ó kà á wúyẹ́wúyẹ́.

“Wọn ò gbọ́,” ni mo wí. “Tún un kà.”