Ṣọ́ọ̀bù Tó Wà Lẹ́yìn Ilé

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fẹ́ ra ìpín àwa àbúrò mẹ́ta nínú ilé tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀. Adíyelé ilé tí wọ́n mú wá ní iye owó ilé náà ò tó nǹkan. Mo ka ìwé rẹ̀ dáadáa: iye ilé tí wọ́n fẹ́ tà ní kánjúkánjú ni ẹ̀gbọ́n ní kó wò, wọn ò sì ka ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá wa mọ́ ọn.

Mo gbé ìbínú mì. Mo kọ ímeèlì sí adíyelé mìíràn, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí gbogbo wa:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa díye lé ilé náà, ilẹ̀ rẹ̀, àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Ogún la fẹ́ pín. Iye tó máa tà lọ́jà láìkánjú la ń fẹ́, bí ọjà bá ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí èsì tẹ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́, ó pẹ́ tán, ọ̀sẹ̀ méjì sí òní. Ẹ sọ owó iṣẹ́ yín fún wa."

Ẹ̀gbọ́n pè mí. "Ta ló ní kó o kọ ahéré ẹ̀yìn ilé yẹn sínú ímeèlì?"

"Ahéré tó rán yín lọ sílé ìwé ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ kẹtàlá ni èsì dé. Iye tó wà nínú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní apá àwọn ò ká a mọ́. Mo ní kò séwu, àwa mẹ́ta á ra ìpín tiwọn. "Ìwé adíyelé wo lẹ fẹ́ ká fi san án, tiyín àbí tèmi?"

Wọ́n wá ní, "Tìẹ."