Ohun Tí Jésù Kò Sọ fún Màríà

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi wọ̀n bí ìwàásù náà ṣe máa gùn tó. Pásítọ̀ Ayọ̀díjí dúró láàárín pálọ̀ ilé wọn ní àdúgbò Basin, ó gbé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wàásù fún àwọn àga. Àyànfẹ́, ìyàwó rẹ̀, jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó gbé fóònù tó ń ka àkókò síwájú, bírò pupa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé ìwé girama, bírò pupa kì í jìnnà sí i. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣe àmín, ó wo fóònù náà.

"Ìdajì wákàtí géérégé."

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa," ni Pásítọ̀ wí, ó sì jókòó. "Ohun tí Alàgbà Adégbóyè fún mi gan-an nìyẹn."

Alàgbà Adégbóyè ló ń ṣètò ìsìn nínú ìjọ wọn. Ó ti pè wọ́n láàárọ̀, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń rọra bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó ní oúnjẹ alẹ́ Olúwa wà lọ́la, wọ́n sì tún máa fi ọmọ tuntun kan fún Olúwa, kí Pásítọ̀ má bínú, kí ìwàásù má kọjá ìdajì wákàtí. Kò sí ẹni tó lè dá alàgbà lẹ́bi. Ìjọ yẹn mọ Pásítọ̀ wọn dáadáa. Bó bá ti sọ pé "kí n tó jókòó" báyìí, ńṣe ni àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń tún ọmọ wọn pọ̀n, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìjókòó ṣì jìnnà.

Àyànfẹ́ kò gbé ojú kúrò lára fóònù.

"Èmi ńkọ́?" ló bi í.

"Ìwọ báwo?"

"Ẹnu tèmi, Pásítọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ọ́ yìí."

Pásítọ̀ tún gbé ìwé rẹ̀ wò. Èdè Òyìnbó ló fi ń wàásù, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Àyànfẹ́ ló máa ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn àgbà. Ohun tó bá gba ọkọ ní ìdajì wákàtí, tọkọtaya yóò fi odidi wákàtí kan sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ìdajì ni Pásítọ̀ máa ń kọ. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni kò ti gun pẹpẹ, ó gbàgbé. Àyànfẹ́ tó jókòó ti fóònù pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni.

Láyé ọjọ́un, wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín títí Ìyá Hùmúàní aládùúgbò wọn yóò fi yọjú lórí ọgbà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n kàn wo ara wọn. Ẹ̀rín ti kúrò nínú ilé náà, ẹkún pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́.

Favour, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ibà ló pa á nígbà ọlidé, kí wọ́n tó mọ̀ pé ibà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀. Àwọn àgbà ìjọ ló lọ sin ín. Wọn kò jẹ́ kí bàbá àti ìyá tẹ̀ lé wọn, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún òbí tí ọmọ rẹ̀ bá kú. Láti ọjọ́ náà ni ara Àyànfẹ́ ti dà bí ọwọ́ tí èèyàn sùn lé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ó ń se ọbẹ̀, ó ń kí àwọn tó ń kí i. Kò sí èyí tó dé inú rẹ̀. Àwọn ará ìjọ kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n máa pè é mọ́. "Màmá Favour" ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí, wọ́n á gbé e mì.

"Ká gé e," ni Àyànfẹ́ wí. Ó fa ìwé náà mọ́ra. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Bí ìyá àgbà kan bá délé lọ́la, tí ọmọ rẹ̀ tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì bi í pé kí ni Pásítọ̀ sọ, kí ni yóò sọ? Gbólóhùn kan ṣoṣo ni o."

Pásítọ̀ fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Yóò sọ pé Ọlọ́run mọ ohun gbogbo. Pé kì í pẹ́ dé. Pé Jésù bá Màríà sọkún. Pé Ọlọ́run ń fi ikú kọ́ni lọ́gbọ́n. Pé kí olúkúlùkù múra sílẹ̀."

"Ìwàásù márùn-ún nìyẹn. Èwo lẹ fẹ́ wàásù lọ́la?"

Inú Ìhìn Rere Jòhánù ló ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi ikú Lásárù. Ó wo ìwé náà títí, kó tó fi ìka kan àárín rẹ̀. "Èyí. Pé Jésù bá Màríà sọkún."

Àyànfẹ́ kọ ọ́ sí òkè ojú ìwé kìíní: *Jésù máa ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọkún.* Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Gbogbo ìpínrọ̀ tó bá dé, ó ń bi í pé ṣé ó gbé gbólóhùn yìí lọ síwájú. Èyí tí kò bá gbé e, bó ti wù kó dùn tó, ó fa igi pupa sí i. Ìtàn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Malete tó kọṣẹ́ lọ́nà ni ó kọ́kọ́ lọ. Pásítọ̀ fẹ́ràn ìtàn yẹn.

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rẹ́rìn-ín níbẹ̀," ló wí.

"Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rò pé ọ̀rọ̀ pé Ọlọ́run kì í pẹ́ dé lẹ̀ ń sọ. Ẹ fi pamọ́. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀."

Àlàyé ọ̀rọ̀ Gíríìkì lọ. Ẹsẹ Bíbélì mẹ́rin tó kàn tún ohun kan náà sọ lọ. Orin tó fẹ́ dá láàárín rẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ nípa ìpadàbọ̀ Jésù, tó fẹ́ fi parí rẹ̀, náà lọ. Nígbà tí Pásítọ̀ ní kí wọ́n kúkú gé Bíbélì kíkà kù díẹ̀, ó kọ̀. "Bíbélì kọ́ ló gùn," ló wí, "ẹ̀yin lẹ gùn." Ẹnu ọkọ rẹ̀ mira díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì tún pa dé.

Wọ́n dé ojú ìwé kẹrin. Àyànfẹ́ kà á, ó sì tún un kà. Ibẹ̀ ni Pásítọ̀ ti kọ ọ́ pé Ọlọ́run mú Favour lọ kó lè jí ìjọ wọn lójú oorun, pé láti ìgbà tí ọmọ náà ti kú, àwọn ìdílé tó ti sá ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé òun dúpẹ́.

Ó gbé bírò lé e.

"Má gé ìyẹn," ni Pásítọ̀ wí.

"Kò sí lára gbólóhùn wa."

"Ohun tí wọ́n ń retí láti gbọ́ lẹ́nu mi nìyẹn, Àyànfẹ́. Ìyẹn nìkan ni wọ́n máa rántí."

"Èmi ni mo máa sọ ọ́ tẹ̀ lé yín." Ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì. "Ẹ máa sọ ọ́ lédè Òyìnbó, ẹ máa dákẹ́, èmi á wá fi ẹnu mi sọ ọ́ ní Yorùbá pé Ọlọ́run pa ọmọ mi nítorí kí àwọn èèyàn lè máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pé mo dúpẹ́. Mi ò lè sọ ọ́."

"Bí kò bá jẹ́ nítorí ìyẹn, kí ló wá dé tó fi kú?" Pásítọ̀ dìde. "Sọ fún mi. Ṣé lásán ni?"

Wọ́n ń pe ìrun alaásàrì ní mọ́ṣáláṣí òpópónà kejì, Àyànfẹ́ dúró kí ìpè náà parí.

"Jésù fúnra rẹ̀ sọ ìdí," ni Pásítọ̀ tún wí. "Ó wà níbẹ̀. Ó ní fún ògo Ọlọ́run ni àìsàn Lásárù."

"Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló sọ ọ́ fún, lọ́nà jíjìn." Ó ṣí Bíbélì, ó fi ìka kàn án. "Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màríà, tí Màríà ní ká ní o wà níbí ni, arákùnrin mi ì bá má kú, kí ló sọ fún un?"

Pásítọ̀ tẹ̀ ba ìwé náà. Ó ti wàásù lórí orí yẹn ní àìmọye ìgbà.

"Ó béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó sọkún."

"Ó mọ ìdí, kò sì sọ ọ́ fún Màríà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún mi."

Pásítọ̀ gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Àyànfẹ́ lọ sí kíṣìnnì, ó gbé ìrẹsì kaná. Ó rò pé òun yóò máa bínú tàbí kí ẹ̀rù máa ba òun. Kò sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n fi ọmọ tuntun náà fún Olúwa. Pásítọ̀ gbé e sókè, ó ṣàdúrà pé kó dàgbà, kó gbó. Àyànfẹ́ sọ ọ́ tẹ̀ lé e: kó dàgbà, kó gbó, kí àwọn òbí rẹ̀ má fojú sunkún rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà funfun, ìyẹn sì ni gbogbo ohun tó rí.

Ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ìwé tuntun ni Pásítọ̀ gbé lọ́wọ́. Ó ti tún un tẹ̀, Àyànfẹ́ kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ geere, ó ṣe kedere, ọkọ sọ, ìyàwó sọ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ kò tún ọmọ pọ̀n. Ó sọ nípa Màríà tó jókòó sílé, nípa àwọn tó wá tù ú nínú. Ó wá dúró, ó wo ìwé rẹ̀.

"Favour, ọmọ wa," ló wí lédè Òyìnbó.

"Favour, ọmọ wa," ni Àyànfẹ́ wí. Láti oṣù méjì, ẹnikẹ́ni kò tíì pe orúkọ náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Alàgbà Adégbóyè tẹ orí ba. Àyànfẹ́ pa ẹnu dé, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ti múra tán láti dákẹ́ lójú gbogbo ìjọ.

Pásítọ̀ ká ìwé náà. Ó ní gbogbo wọn ló ń dúró kí òun sọ ìdí tí ọmọ náà fi kú. Àyànfẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Mi ò mọ ìdí rẹ̀," ni Àyànfẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì já.

Ó dúró de gbólóhùn tó kàn. Kò sí gbólóhùn kankan. Pásítọ̀ kò sọ pé "kí n tó jókòó." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìdajì wákàtí kò tíì pé. Ìjọ ń wo Àyànfẹ́ pé yóò sọ nǹkan, òun náà sì ń wá nǹkan tí yóò sọ. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ pé ó ń sunkún. Ó ń dùn ún. Láti àyà títí dé ikùn ni ó ń dùn ún, kò sì dá ara rẹ̀ lẹ́kun.