Ẹ̀pà Inú Ẹ̀rọ

Ìyàwó mi ló ń yan bisikíìtì. Èmi ń fọ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ nǹkan, mo sì ń lẹ ìwé mọ́ ọ̀rá. Ọmọ wa obìnrin ló ń gbé ọjà náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀: ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣúgà, bọ́tà, àgbọn, ẹyin. Ó ń kọ èyí tó lè gbòdì lára àwọn kan, àti ọjọ́ tí a yan án, àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan kọ̀wé sí wa. Ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ̀pà rí, ilé ìwòsàn ló bá ara rẹ̀. Bisikíìtì àgbọn wa ló ń wu ọmọ náà. Ṣé ẹ̀pà kankan kò dé ibẹ̀?

“Sọ fún un pé kò sí,” ìyàwó mi wí. “Ta ló ń wá ẹ̀pà nínú àgbọn?”

Ọmọ wa ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Dúró ná. Ẹ̀rọ kan náà la fi ń lọ àgbọn àti ẹ̀pà tí a ń fi sí bisikíìtì yòókù.”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń fọ̀ ọ́?”

“Mò ń fọ̀ ọ́. Mi ò lè fọ ohun tí ojú mi ò rí.”

Ìyàwó mi gbé àwo kalẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Kí gbogbo ayé máa wí pé ilé ìdáná mi dọ̀tí, àbí?”

“Mọ́mì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Èérún ẹ̀pà kékeré lè mú kí ọ̀fun ọmọ yẹn wú.”

Mo tú ẹ̀rọ náà, mo yọ òrùka rọ́bà tó wà nídìí rẹ̀. Mo fi ìka ha abẹ́ rẹ̀, mo na ìka náà sí ìyàwó mi. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó jókòó.

“Ẹ̀pà ni,” ó ní. “Ọmọ ọlọ́mọ!”

Ó di ìka mi mú díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

“Sọ fún un pé kó má fún ọmọ rẹ̀ o. Kọ ẹ̀pà síbẹ̀, kó hàn gbangba. Àwọn tó ti rà á ńkọ́?”

Ọmọ wa kọ́kọ́ gbé ọjà náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ̀wé sí obìnrin náà àti gbogbo àwọn tó ti rà á. Èmi lẹ ìwé tuntun mọ́ gbogbo ọ̀rá tó kù nílé. Ìgbà náà ni ọmọ wa tó gbé ọjà padà síbẹ̀.

Obìnrin náà dá wa lóhùn: “Ẹ ṣé gan-an, mà. Kò ní fẹnu kàn án. Àmọ́ ẹ̀pà ò ṣe èmi ní nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀rá kan ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ mi. Màá fọwọ́, màá sì fọ ẹnu kí n tó relé.”

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ọ̀jẹun bíi tèmi!”

Ó nawọ́ sí bisikíìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná.

“Mọ́mì, ọjọ́ tí a yan ti tẹ́lẹ̀ ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tòní lẹ mú yẹn.”

“Tún ọjọ́ náà kọ, ìyá mi. Ti tuntun ni màá fún un.”

Ó ṣì gbóná, a ò lè dì í. A jókòó tì í, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó mi bu ọ̀kan sí méjì, ó fi ìdajì sí mi lẹ́nu.