Àṣìṣe Tó Wà ní Ojú-ewé Àádọ́rùn-ún

Ìyá Bíró Pupa ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́, kò sì dùn mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń kọ́ni ní òfin gbèsè, ẹni tí kò bá fẹ́ pupa nínú ìwé rẹ̀, kó má kọ jákujàku.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì nìyí, ọ̀gá ẹ̀ka wa sì ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni mo lè mú láti darí àpilẹ̀kọ rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní olùdarí títí di ìgbà yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀, èmi á sì ti wà nílé mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà gan-an ni mo ráyè ka lẹ́tà ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní, “Mà, ẹ káàárọ̀ o, tó bá sì jẹ́ ọ̀sán lẹ ráyè kà á, ẹ káàsán. Bí orílẹ̀-èdè ṣe ń tún gbèsè rẹ̀ tò ni mo fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ mi lé lórí. Tí gbèsè bá wọ oníṣòwò lọ́rùn, ilé-ẹjọ́ wà tó lè bá a pín ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn tó jẹ lówó. Orílẹ̀-èdè ò ní irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn àti ẹ̀bẹ̀ nìkan ló ní. Ìbéèrè mi ni pé, tí gbogbo olówó tó yá a lówó bá gbà láti dín owó wọn kù, tí ẹnì kan bá wá fàáké kọ́rí, ṣé ó lè da gbogbo rẹ̀ rú?”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ọmọ yìí dùn ún kà, mo ti ń wá bíró tí màá fi fọwọ́ sí i.

Ìpínrọ̀ kẹta ló bà á jẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú gbogbo bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé tí orílẹ̀-èdè fi ń yá owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn olówó lápapọ̀ bá ti gbà, ó ti de gbogbo wọn. Ká má rí i. Àwọn bọ́ǹdì tuntun ló lè ní ìlà tó gbà kí wọ́n ka ìbò gbogbo ìpín tí wọ́n tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́, ìpín kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò tirẹ̀, olóríkunkun kan lè ra ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìpín kékeré kan lọ, kó sì jókòó lé e. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé gbogbo wọn pátá gbọ́dọ̀ gbà.

Mo fi pupa fà á lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ta ló kọ́ ẹ?” Mo ní kí akọ̀wé mi pè é wá.

Aago méjì àbọ̀ ló wọlé, fáìlì ńlá lábẹ́ apá.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Ọ̀sán ò dáa. Ṣé o tiẹ̀ ka ìwé àdéhùn kankan?”

“Mo kà á, mà.” Ó ṣí fáìlì, ó fa ìwé àdéhùn bọ́ǹdì àtijọ́ kan yọ, ó ti ká etí ojú-ewé tó fẹ́ fi hàn mí. “Ìpín kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò tirẹ̀.”

“O rí i, o tún wá kọ kantankàntan yìí?”

Ó wolẹ̀. Ó rìn lọ sídìí pẹpẹ ìwé mi, ó fa ìwé kan yọ, ó ṣí i síwájú mi. Ojú-ewé àádọ́rùn-ún. Ìwé tèmi. Gbólóhùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò yàtọ̀ rárá.

“Mà, ẹ má bínú. Ẹni tí mo ń bẹ̀ pé kó gbà mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ó ṣì í?”

Ojú tì mí. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti kọ ìwé yẹn, àwọn àdéhùn tuntun nìkan ni mo wò nígbà náà, mo sì pè é ní gbogbo bọ́ǹdì. Ọmọ mélòó ló ti fi ṣèdánwò, tí mo sì fún ní máàkì? Àánú ọmọ tó dúró níwájú mi náà ṣe mí. Ó fẹ́ fi irọ́ tèmi bọ̀wọ̀ fún mi.

“Jókòó,” ni mo wí. “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tún ìpínrọ̀ yẹn kọ.”

Ó kọ ọ́ pé, “Ó dà bí ẹni pé olùkọ́ mi kò wo àwọn àdéhùn àtijọ́.”

Mo fa pupa sí i. “Kò dà bí ẹni pé nǹkan kan. Mi ò wò wọ́n.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó di ìbéèrè àpilẹ̀kọ rẹ̀: mélòó nínú àwọn bọ́ǹdì àtijọ́ ló ṣì wà níta, ta ló sì lè jókòó lé wọn? Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó sáré jáde nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Akọ̀wé mi ní òun ò tíì rí ẹni tó sáré báyẹn nítorí gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo fa ìwé mi mọ́ra. Mo fi pupa fa gbólóhùn ojú-ewé àádọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ta ló kọ́ ẹ?”