Irọ́ Tí Alhaji Pa Sínú Ètò Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Nínú gbogbo àwọn tó ń jó irin ní Òkè-Fíà, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tó ti Alhaji Abdullateef Àkànó. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó ń ṣe géètì, ó sì ń ka ìwé dìgírì nínú ìmọ̀ ìtàn. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù fún un: ìtàn Nàìjíríà òde òní. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tún un ṣe, ó lọ bá Mọpẹ́olúwa, ọmọ Iléṣà tó jẹ́ tíṣà ìtàn nílé-ẹ̀kọ́ girama ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé kó bá òun ṣètò ìwé kíkà.

Ìbéèrè ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni Mọpẹ́olúwa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè méje ló wà nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ni wọ́n ń dáhùn láàárín wákàtí mẹ́ta. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó kọ orí-ọ̀rọ̀ méjìlá jáde, ó wá na bébà sí Alhaji.

"Ẹ fún ara yín ní máàkì, sà. Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ kọ mẹ́wàá. Èyí tí kò yé yín, ẹ kọ òdo. Ibi tí ẹsẹ̀ yín kò ti múlẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, òun la ó sì fún lákòókò jù."

Ibẹ̀ ni ṣàìtánì ti bá Alhaji sọ̀rọ̀ létí. Ogun Kírìjì ló fẹ́ràn jù, ó lè sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láìmu omi. Kọnsitíṣọ̀n àwọn òyìnbó ni kì í fẹ́ gbọ́ rárá. Ó bá kọ òdo sí Kírìjì, ó kọ mẹ́wàá sí kọnsitíṣọ̀n. Inú rẹ̀ ń dùn: ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni òun yóò fi máa gbádùn ogun!

Mọpẹ́olúwa wo bébà náà. Ó ṣí ìwé Alhaji síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó pa á dé.

"Alhamdulillahi, Alhaji! Kọnsitíṣọ̀n ò yé àwọn ọmọ mi ní SS3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi kọ́ wọn lọ́jọ́bọ̀."

Ó wu Alhaji kó kọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tó ti lérí, ibo ló fẹ́ gbà sá?

Lọ́jọ́bọ̀, ó wọ jalabíà tuntun, ó fi àwàdà bẹ̀rẹ̀, kíláàsì sì ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Gómìnà Richards ló bi aráàlú léèrè láti abúlé dé abúlé, kó tó ṣe òfin tirẹ̀."

Ọmọbìnrin kan níwájú, Fadékẹ́, nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe Macpherson nìyẹn, ní 1951? Wọ́n ní Richards ò bi ẹnì kankan, ohun tó bí àwọn olóṣèlú nínú nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mò ń dán yín wò ni."

"Kí wá ni Richards ṣe, sà?"

Alhaji wo pátákó. Pátákó náà ń wò ó. Ó ní ooru mú, ó sì jáde.

Mọpẹ́olúwa gbé omi tọ̀ ọ́ lọ lábẹ́ igi.

"O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ni Alhaji wí.

"Ìwé yín ló sọ fún mi, sà. Òróró irin ti kun ojú ìwé Kírìjì dúdú. Ti kọnsitíṣọ̀n ń dán bíi pé àná lẹ rà á."

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, o burú!" Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n tún ètò ṣe. Kọnsitíṣọ̀n bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kìíní, Kírìjì lọ sẹ́yìn sí ìkẹrin. Orí-ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní àràárọ̀, Alhaji yóò pa ìwé dé, yóò kọ ohun tó rántí nínú ti àná, kó tó ṣí i wo ohun tó gbàgbé. Ohun tó gbàgbé yóò wọ inú káàdì, yóò padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Jímọ̀ ṣófo, fún iṣẹ́ tó bá ṣẹ́ kù. Sátidé, ìbéèrè kan ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìbéèrè oríṣiríṣi láìtò. Ìkẹfà, odindi ìdánwò méjì, lẹ́yìn náà káàdì nìkan àti oorun.

Alhaji kò ṣàì tún dá ọgbọ́n kan. Ní Sátidé kejì, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tirẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ìṣáájú nìkan ti gbà á ní ìdajì wákàtí. Bí Mọpẹ́olúwa ti yísẹ̀ jáde, Alhaji yọ bátìrì aago ògiri. Ó ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí ladani fi pe Alasári. Mọpẹ́olúwa wọlé, ó gbójú sókè wo aago: mẹ́ta ààbọ̀.

"Alhaji, ṣé mọ́ṣáláṣí ló ń kánjú ni, àbí aago ló sùn?"

Alhaji dá bátìrì padà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Kírìjì ò jáde rárá! Ìbéèrè kejì ní kí wọ́n fi òfin Richards wé ti Macpherson. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ délẹ̀, ó sì dáhùn mẹ́ta yòókù kí agogo tó lù. Nígbà tí èsì jáde, B ló gbà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni tó bá sì wá ṣe géètì lọ́sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ bí òfin Lyttelton ṣe sọ Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀ ní 1954, kí Alhaji tó mú téèpù wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀.