C Tó Wà Nínú Orúkọ Fóònù

Bùsúyì ju okùn ṣájà sórí tábìlì Ọláníkẹ́ tó ń ta èlò fóònù l'Ókè-Àgbò. Láti Ìbíadé tó jìnnà ló ti gbé okùn tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ náà padà wá.

"Àǹtí, kò wọlé."

Ọláníkẹ́ mí kanlẹ̀. Irú ẹjọ́ yìí ti sú u. "Fóònù wo ni?"

"Redmi 12C. Type-C lẹ kọ sára páálí, C náà ló sì wà lórúkọ fóònù mi."

Ọláníkẹ́ yẹ ìdí fóònù náà wò: ẹnu máíkírò, irú ti àtijọ́, ni. Redmi 12 tí kò ní C ló ń lo Type-C. Ó pààrọ̀ okùn náà, ó sì kọ ọ́ sára páálí okùn Type-C: "Ó bá Redmi 12 mu. Kò bá 12C mu."

Bùsúyì kà á tán. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí kò mà gùn. Ọ̀nà Ìbíadé ló gùn."