Ilé Tí A Kì Í Kan Ilẹ̀kùn Rẹ̀

Ilé Sàídù wà létí títì márosẹ̀ tó gba Ore kọjá, yàrá mẹ́jọ tó dojú kọra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín. Nígbà tí Sàídù wà láyé, ayálégbé tó bá san owó ilé kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Sàídù á gbé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan láti oko rẹ̀ ní Araromi-Obu fún un. Ó ní ènìyàn laṣọ òun. Ó kú tán, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Páànù ń jò, ayálégbé ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Rọ́fíàt, opó rẹ̀, àti Olúwabámiṣe, tíṣà tó ń gbé yàrá ìkangun.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Bámiṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ọmọléèwé tí omi ti rin gbingbin.

“Alájà, mi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n bí òjò méjì bá tún rọ̀, ẹja ni màá máa sìn nínú yàrá yẹn.”

“Ìgbà wo lo fẹ́ kó lọ?”

“Ìparí oṣù yìí, bí páànù bá ṣì rí báyìí.”

Rọ́fíàt gbójú sókè wo páànù. Bí tíṣà bá lọ, ohùn tirẹ̀ nìkan ni yóò kù nínú ilé náà.

Suhaib, ọmọ rẹ̀, pè é láti Èkó. Ẹnì kan fẹ́ ra ilé náà láti fi kọ́ ilé epo.

“Ẹ tà á, Màámi. Ẹ kó gbogbo owó rẹ̀ sínú ríìtì, àwọn ilé àjọní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fowó sí. Ìpín tí ẹ fi owó tí ẹ ta bọ́ọ̀sì Bàámi rà níjọ́sí, ṣé kì í mówó wọlé ni?”

Ó ń mówó wọlé lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Rọ́fíàt lọ bá Fọlárìn, alágbàtà ìpín ìdókòwò, nínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lókè gáréèjì.

“Alájà, igi kan kì í dágbó ṣe,” ni Fọlárìn wí. “Ilé kan ṣoṣo lẹ ní. Bí ayálégbé bá lọ, ebi dé. Ríìtì ní ilé ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù káàkiri. Bí ọ̀kan bá ṣófo, èyí tó kù á gbè é. Wọ́n á gba owó ilé, wọ́n á yọ owó àtúnṣe àti owó àwọn alábòójútó. Nínú èrè tó bá kù, ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n ń pín fún gbogbo onípìn-ín, olúkúlùkù bí ìpín rẹ̀ bá ṣe tó.”

“Ilé tèmi tí mò ń gbé ńkọ́?”

“Gbogbo owó ilé ni tiyín. Gbogbo páànù náà ni tiyín.”

Rọ́fíàt rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gba owó ìpín. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀kan nínú ilé ríìtì náà ní Èkó, kí ó lè kí àwọn ayálégbé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe Sàídù. Ẹ̀ṣọ́ dá a dúró lẹ́nu géètì.

“Màmá, ta lẹ wá rí?”

“Àwọn ayálégbé mi.”

“Ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí?”

“Díẹ̀ nínú rẹ̀.”

“Apá ibo?”

“Wọn ò fi hàn mí.”

Ẹ̀ṣọ́ náà ló gba ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́lòmíì.

“Fọlárìn,” ni Rọ́fíàt wí nínú ọ́fíìsì náà, “bí mo bá ta ilé, ta ni yóò máa mú owó wá fún mi?”

“Kò sẹ́nì kankan, Alájà. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì lá máa wá sórí fóònù yín.”

“Ṣé mo lè ta díẹ̀ nínú ìpín yẹn?”

“Ìyẹn ṣeé ṣe. Ilé lẹ ò lè gé yàrá kan nínú rẹ̀ tà. Ṣùgbọ́n iye ìpín ti wálẹ̀ lọ́jà ju iye tí ẹ rà á lọ, owó tí wọ́n ń pín fún yín á sì dínkù.”

“Bá mi ta ìlàjì.”

“Ẹ máa pàdánù.”

“Mo mọ̀.”

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, owó wọlé. Rọ́fíàt pe káfíńtà kí ó wá pààrọ̀ páànù. Ó sọ fún Suhaib pé kí ó wá ilẹ̀ mìíràn fún onílé epo. Suhaib ní, “Ó dáa, Màámi,” ó sì pa fóònù.

Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Rọ́fíàt jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá mẹ́fà tó ṣófo ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, garawa òfìfo lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń retí kí omi kán. Omi kò kán. Òjò ń lu páànù tuntun bí ẹni pé ilé kún fún èrò, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́nì kankan.

Ẹnì kan wúkọ́ ní yàrá ìkangun.

“Pẹ̀lẹ́ o, tíṣà,” ni Rọ́fíàt wí.

“Ẹ ṣé, Alájà.”

Ó ti garawa náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì tẹ́tí sílẹ̀, bóyá yóò tún wúkọ́.